Kí Ló Dé Tí Báàsì Dúró Sójú Kan? Àlàyé Lórí Pẹ́dà Kí Ègbè Ìkẹyìn Tó Wọlé

Màmá kan wà láàárín àwọn tó ń kọ ohùn áátò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀gá akọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ọmọ tó ń ta báàsì yẹn sọ̀rọ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ ká padà sínú ègbè, gbogbo wa ń lọ, òun dúró sójú kan. Àbí oorun ló ń kùn ún ni?"

Mo ní, "Màmá, oorun kọ́. Èmi ni mo ní kó dúró síbẹ̀."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń gbèjà olè.

Kó tó di alẹ́, ẹnì kan ti gbé fídíò orin náà sórí Wasáàpù àwọn akọrin, àríyànjiyàn sì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ọmọ náà ṣìnà. Àwọn kan ní ibẹ̀ gan-an ni orí àwọn wú, táwọn ò mọ ìgbà táwọn dìde lórí àga. Ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ọ̀nà ìkọrin kan ló wà níbẹ̀ tó lórúkọ, tó ti pẹ́, tó sì ní òfin tirẹ̀. Mo fẹ́ tú u palẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ohun èlò kankan í lò.

Kí là ń pè ní pẹ́dà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú orúkọ mẹ́ta dání. Báàsì ni ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú orin, èyí tí gìtá olókùn nínípọn máa ń gbé jáde. Kọ́ọ̀dù ni nóòtì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a tẹ̀ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bírííjì ni apá orin tó máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyókù, kí ègbè ìkẹyìn tó wọlé.

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bí kọ́ọ̀dù bá yí, báàsì náà á yí tẹ̀lé e. Kọ́ọ̀dù bọ́ sórí fá, báàsì bọ́ sórí fá. Kọ́ọ̀dù bọ́ sórí lá, báàsì ti dé ibẹ̀. Bí ajá ṣe ń tẹ̀lé ọdẹ ni. Pẹ́dà ni ìgbà tí ajá jókòó. A so báàsì mọ́ nóòtì kan, àwọn kọ́ọ̀dù wá ń yí lórí rẹ̀, yálà nóòtì náà bá wọn mu tàbí kò bá wọn mu. Ẹ má fojú fo "tàbí kò bá wọn mu" yẹn, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo agbára pẹ́dà wà. Bí kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo bá dúró tí báàsì náà dúró, kò sí pẹ́dà níbẹ̀; orin kàn dúró ni.

Inú dùùrù ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì ni orúkọ náà ti wá. Dùùrù yẹn ní àwọn igi gbọọrọ tí a tò sílẹ̀ fún ẹsẹ̀, bí pẹ́dà kẹ̀kẹ́, àwọn ni wọ́n sì máa ń mú ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Aludùùrù lè fi ẹsẹ̀ kan tẹ igi kan mọ́lẹ̀, kó má gbé e kúrò, kí ọwọ́ méjèèjì máa ṣe tiwọn lókè. Fèrè dùùrù kì í rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wà níbẹ̀, ohùn náà kò ní kú bí ti okùn gìtá. Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní ọdún 1905, mọ iṣẹ́ yìí dunjú, aludùùrù gidi ni wọ́n. Lónìí, ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe nígbà náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ta báàsì, ṣùgbọ́n orúkọ ẹsẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀.

Mo máa lo dó, ré, mí, fá, só, lá, tí láti ìsinsìnyí lọ, nítorí ohun tí gbogbo akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má fi wé dò-re-mí tí olùkọ́ èdè fi ń kọ́ wa ní àmì ohùn ní ilé ìwé. Ìyẹn mẹ́ta ni, ti orin méje ni.

Kí ló dé tó fi jẹ́ só?

Dó ni ilé. Orin tó parí sórí dó ti wọlé, ó ti bọ́ bàtà, ó ti jókòó. Só kò rí bẹ́ẹ̀. Só dà bí ìgbà tí àgbàlagbà bá sọ pé, "Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀," tó wá dákẹ́. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí kò ní máa sọ ìdajì tó kù nínú ọkàn rẹ̀. Bí báàsì bá dúró lórí só, gbogbo etí tó wà nínú ilé ti ń sọ dó sílẹ̀ kó tó dé.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Kọ́ọ̀dù tí a kọ́ sórí só ní só, tí àti ré nínú, a sì máa ń fi fá kún un. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń gòkè lọ sí dó, "só, lá, tí," kí ẹ dúró lórí tí. Ẹ ò ní lè fara mọ́ ọn. Tí fi ara kan dó pẹ́kípẹ́kí, kò sí nóòtì kankan láàárín wọn, ńṣe ló ń fẹ́ gun orí rẹ̀. Fá náà fi ara kan mí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó ń fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sórí rẹ̀. Nígbà tí tí bá gòkè bọ́ sórí dó, tí fá bá sọ̀ kalẹ̀ bọ́ sórí mí, tí báàsì sì fò láti só sí dó, nǹkan mẹ́ta ló wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Wíwọlé yẹn ni ègbè ìkẹyìn ń dúró dè.

A lè fi dó ṣe pẹ́dà o. Ọ̀pọ̀ orin ìjọsìn òde òní ló ń ṣe é, tí kíbọ́ọ̀dù á máa yí kọ́ọ̀dù jẹ́jẹ́ tí ohùn ìsàlẹ̀ á dúró lórí dó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyẹn máa ń dùn, ó máa ń mú ọkàn balẹ̀, ó sì dára fún àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà nílé kò lè máa retí àtidélé. Bí ẹ bá fẹ́ kí ara àwọn èèyàn wà lọ́nà, só ni kí ẹ di mú.

Níbo ni fífà yẹn ti ń wá?

Gbogbo ẹni tó bá ti fi kànnàkànnà lé ẹyẹ rí mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ kan di igi rẹ̀ mú, kò mì. Ọwọ́ kejì ń fa rọ́bà sẹ́yìn. Bí ọwọ́ tó di igi mú bá ń tẹ̀lé èyí tó ń fà, rọ́bà kò ní le láéláé, òkúta á sì jábọ́ síwájú ẹsẹ̀ ẹni tó ń ta á. Báàsì tó dúró lórí só ni igi kànnàkànnà. Kọ́ọ̀dù tó ń yí lókè ni ọwọ́ tó ń fà.

Ẹ gbé kọ́ọ̀dù fá lé orí só. Fá, lá àti dó ló wà nínú rẹ̀. Kò sí só níbẹ̀ rárá. Fá wà ní ìsàlẹ̀ só gan-an, lá wà ní òkè rẹ̀ gan-an, bí aládùúgbò méjì tó ń fi igbá gbá odi ilé ẹni lọ́tùn-ún lósì. Etí á gbọ́ pé nǹkan ń ha ara wọn. Kò burú débi tí a ó fi dijú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí a sinmi. Bí báàsì bá ti yí lọ sórí fá, ìhàra náà á pa rẹ́ lójú ẹsẹ̀, a ó kàn ní kọ́ọ̀dù fá tó ń jẹ́ fá, tó ti délé ara rẹ̀.

Ohun tí Màmá gbọ́ nìyẹn. Etí wọn kò tàn wọ́n. Wọ́n gbọ́ pé báàsì kò bá àwọn tókù mu, òótọ́ sì ni. Ohun tó ṣókùnkùn sí wọn ni pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, àti pé gbèsè ni, a ó san án.

Báwo la ṣe to báà mẹ́jọ náà?

Báà kan ni ká ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan. Báà mẹ́jọ ni bírííjì wa, ibẹ̀ ni báàsì ti dúró lórí só. Orin wa ń lọ ní ìlù 80 láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí náà báà mẹ́jọ jẹ́ ìlù 32, tí í ṣe ìṣẹ́jú àáyá 24. Ìwọ̀n tó bójú mu nìyẹn. Ó gùn tó fún àwọn èèyàn láti fura pé nǹkan ń bọ̀, kò sì gùn débi tí ó fi máa sú wọn. Mo ti gbọ́ ibi tí wọ́n ti ṣe é fún báà 16 nínú orin tó ń fà bíi tiwa. Nígbà tó fi máa dé ìdajì, só ti di ilé fún etí, kò sẹ́ni tó ń retí dó mọ́. Bí orin bá jẹ́ ti ijó tó ń sáré, báà mẹ́jọ kò ní í gùn rárá, nítorí kò ní gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínlógún lọ bí ìlù bá jẹ́ 120.

Kíì C la wà. Ohun tí mo kọ síwájú àwọn ọmọ náà rèé. Lẹ́tà tó wà ṣáájú ilà tó dagun ni kọ́ọ̀dù, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni báàsì:

```
| Am/G | F/G | C/G  | Dm/G  |
| Am/G | F/G | Dm/G | Gsus4  G7 |
```

Nínú kíì yìí, C ni dó, D ni ré, E ni mí, F ni fá, G ni só, A ni lá. Am ni kọ́ọ̀dù lá, dó àti mí; Dm ni ti ré, fá àti lá. Lára gìtá báàsì, ó wà ní ojú kẹta lórí okùn tó nípọn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ wa fi ìka tẹ ibẹ̀, kò sì gbé e kúrò títí báà mẹ́jọ fi pé. Ó kọ́kọ́ ń ta á lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ báà kọ̀ọ̀kan, tó ń jẹ́ kó dún lọ. Láti báà karùn-ún, ó ń ta á ní ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì lórí ìlù kọ̀ọ̀kan, pẹ́lẹ́ ná, lẹ́yìn náà ó le sí i.

Ní báyìí, ẹ wo ohun tí ọwọ́ ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù ń ṣe lókè. Ní báà kìíní, nóòtì tó ga jù nínú kọ́ọ̀dù rẹ̀ ni mí. Ní ìkejì ó di fá, ní ìkẹta só, ní ìkẹrin lá. Ní ìkarùn-ún àti ìkẹfà ó ti dé dó òkè, ní ìkeje ó di ré. Ẹsẹ̀ dúró, orí ń ga. Àárín ẹsẹ̀ àti orí ń fẹ̀ sí i, etí sì ń gbọ́ fífẹ̀ náà bí ìgbà tí a ń na nǹkan.

Báà kẹta nìkan ló fún wa láyè mímí. Kọ́ọ̀dù C ní só nínú, nítorí náà kò sí ìhàra níbẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀, nítorí rọ́bà tí a fà láìdáwọ́dúró máa ń já. Ṣùgbọ́n láti báà kẹrin, kò sí C mọ́. Dm, Am, F, Dm: kò sí èyí tó ní só nínú wọn. Báà mẹ́rin gbáko ni báàsì fi dá nìkan wà nísàlẹ̀ láìní alábàárò kankan lókè.

Ẹ tún kíyè sí i pé kò sí tí nínú ìkankan lára báà méje àkọ́kọ́. Nóòtì tó ń fẹ́ wọlé jù lọ la fi pamọ́. Báà kẹjọ ló tó yọ, kò sì yọ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pàápàá. Fún ìlù méjì àkọ́kọ́, ọwọ́ ọ̀tún tẹ só, dó àti ré, èyí tí a kọ ní Gsus4, tí dó ń ṣe bí ẹni pé ó ti délé, àmọ́ só tó wà nísàlẹ̀ kò gbà fún un. Ní ìlù kẹta, dó sọ̀ kalẹ̀ sórí tí. Fá dara pọ̀ ní òkè pátápátá. Ní ìlù kẹrin, gbogbo ohun èlò dákẹ́, àfi ohùn àwọn akọrin tó ń mí sínú.

Lẹ́yìn náà ni báàsì bọ́ sórí dó, tí ègbè wọlé.

Lórí gìtá olókùn mẹ́rin, dó tó sún mọ́ ọn jù wà ní ojú kẹta kan náà lórí okùn tó tẹ̀lé e, èyí tó túmọ̀ sí pé báàsì gòkè láti wọlé. Ó dára, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní gìtá olókùn márùn-ún lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí dó ìsàlẹ̀, ní ojú kìíní lórí okùn karùn-ún tó nípọn jù. Kí orí máa ga fún báà mẹ́jọ, kí ilẹ̀ wá jìn lábẹ́ ẹsẹ̀ lójijì, ìyẹn ló máa ń mú kí gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì gbọ̀n. Èmi ò ní purọ́, ó wù mí jù.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nǹkan yìí láìsí ìlù, láìsí akọrin, láìsí ariwo, kó wá orin dùùrù Báàkì ará Jámánì tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ BWV 846 lórí ìkànnì, kó gbọ́ èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì, tó ń jẹ́ pírélúùdù. Inú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1722 ló wà, báà 35 péré ni. Láti báà 24 títí dé 31, ohùn ìsàlẹ̀ kò kúrò lórí só, báà mẹ́jọ gẹ́lẹ́ bíi tiwa. Dó tó ń sọ̀ kalẹ̀ sórí tí tí mo ṣàlàyé lókè wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe é. Ní báà 32, báàsì bọ́ sórí dó, ẹ ó sì rò pé ó ti parí. Kò parí. Ó tún fi dó náà ṣe pẹ́dà, tí kọ́ọ̀dù ń yí lórí rẹ̀ títí dé báà ìkẹyìn. Só fún ìfojúsọ́nà, dó fún ìsinmi, nínú orin kan tí kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Kí ló máa ń bà á jẹ́?

Ọwọ́ òsì ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa dá tẹ dùùrù nílé á máa fi ọwọ́ òsì wá ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀dù láìmọ̀. Kọ́ọ̀dù fá dé, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti lọ tẹ fá nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní ibi tí báàsì wà. Ohùn ìsàlẹ̀ di méjì, ọ̀kan ń wí pé só, èkejì ń wí pé fá, orin á sì dà rúdurùdu bí omi odò tí màlúù ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn á ní báàsì ló ṣìnà, nígbà tó jẹ́ pé òun nìkan ló ṣe ohun tí a ní kó ṣe. Ìhàra tó wà láàárín ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ máa ń dùn. Èyí tó wà láàárín ohùn ìsàlẹ̀ méjì kì í dùn rárá, nítorí ohùn jíjìn tó sún mọ́ ara wọn máa ń bo ara wọn mọ́lẹ̀ ni.

Bí a ṣe lè mọ̀ ni pé ká ní kí báàsì dákẹ́, kí kíbọ́ọ̀dù dá tẹ ibẹ̀. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ṣì ń rìn kiri, ọwọ́ òsì ni olè. Ìwòsàn rẹ̀ ni kó gbé ọwọ́ náà lé itan, tàbí kó gbé e wá sí àárín kíbọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a dán orin wa wò, èmi fúnra mi ni mo wà nídìí kíbọ́ọ̀dù, èmi náà ni mo sì ń bà á jẹ́. Ìgbà kẹta tí mo ti bú ọmọ báàsì náà ni mo tó wo ọwọ́ ara mi. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wọn.

Ọ̀tá kejì ni ẹni tó ń ta báàsì fúnra rẹ̀, bí kò bá ní sùúrù. Dídúró sójú kan fún ìṣẹ́jú àáyá 24 níwájú ìjọ kò rọrùn fún ọmọ tí ìka rẹ̀ yára. Nígbà tó bá di báà kẹjọ, á fẹ́ fi hàn pé òun mọ nǹkan, á sáré "só, lá, tí, dó," á sì ti gúnlẹ̀ sórí dó ní ìlù kẹrin kí ègbè tó wọlé. Ó ti ná owó tí a ń tọ́jú. Nígbà tí ègbè bá dé, báàsì ti wà nílé tipẹ́, ó ń wo àwọn àlejò bí wọ́n ṣe ń wọlé. Bó bá jẹ́ dandan kó sáré, kí dó bọ́ sórí ìlù kìíní ègbè gan-an, kó má ṣáájú rẹ̀ bí ó ti wù kó kéré mọ.

Onílù náà lè bà á jẹ́ bó bá ti ń lù ú kíkankíkan láti báà kìíní, nítorí kò ní rí ibì kankan gùn mọ́. Ohun tí a sọ fún tiwa ni pé kó fọwọ́ kan sáńbà nìkan fún báà mẹ́rin, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e.

Bí ègbè ìkẹyìn bá máa bọ́ sí kíì míì ńkọ́?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ti ń ṣubú. Wọ́n fẹ́ kí ègbè ìkẹyìn gòkè láti C lọ sí D. Wọ́n di G mú fún báà mẹ́jọ, wọ́n wá fò bọ́ sórí D. Gbogbo ara tó ti wà lọ́nà kàn ṣubú lulẹ̀, nítorí G kì í ṣe só fún D. Fá ni. Ilé ẹlòmíì ni wọ́n ti ń retí àlejò.

Só tí a ó di mú gbọ́dọ̀ jẹ́ só ti ilé tí a ń lọ. Só ti D ni A, tí í ṣe lá nínú kíì C tí a ti ń bọ̀. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn ni ká pín in sí méjì, báà mẹ́rin lórí só àtijọ́, báà mẹ́rin lórí só tuntun:

```
| Am/G | F/G | C/G  | Dm/G |
| Em/A | G/A | Em/A | A7   |
```

Ìka ẹni tó ń ta báàsì kàn sún ojú méjì síwájú lórí okùn kan náà ni, láti ìkẹta sí ìkarùn-ún. Em àti G wà nínú kíì C, wọ́n sì wà nínú kíì D, nítorí náà kò sí ẹni tó máa gbọ́ nǹkan àjèjì lókè. Ilẹ̀ nìkan ló sún. A7 ló mú nóòtì tuntun wá, C olókè díẹ̀ tí wọ́n ń kọ ní `C#`, òun sì ni tí fún D. Bí àwọn akọrin bá ti gbọ́ ọ, ọ̀nà ọ̀fun wọn á mọ ibi tí wọ́n ń lọ, kódà bí a kò bá kọ́ wọn.

Kí ló dé tí àwọn tó wo fídíò kò gbọ́ ohun tí àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́?

Só tí ọmọ wa ń ta yẹn jìn gan-an, ó ń gbọ̀n ní ìgbà 49 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíkà ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì gbé e jáde, àga pàápàá gbọ́ ọ. Ti fóònù kéré jù, kò lè gbé ohùn tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Òjìji rẹ̀ ni ó máa ń gbé jáde, ìyẹn àwọn ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń bá ohùn jíjìn rìn. Nítorí náà, ẹni tó wo fídíò gbọ́ kọ́ọ̀dù tó ń yí, ó sì gbọ́ nǹkan kan tó ń kùn nísàlẹ̀ tí kò yé e. Bó bá fi hẹ́ẹ̀dìfóònù tó dára sétí, á gbọ́ ohun tó yàtọ̀.

Ọ̀nà kan tún wà láti dá pẹ́dà mọ̀ tí kò gba ohun èlò kankan. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé orin ń ru sókè kí ègbè ìkẹyìn tó dé, ẹ fi imú kùn nóòtì tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ má kúrò lórí rẹ̀. Bí ohùn yín bá bá báàsì dọ́gba títí ègbè fi wọlé, bí ó tiẹ̀ ń ha àwọn kọ́ọ̀dù lára, pẹ́dà nìyẹn. Bí báàsì bá fi yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kì í ṣe pẹ́dà.

Èyí ni mo ní kí Màmá ṣe ní ìdánrawò ọjọ́ Ẹtì. Mo fún wọn ní só, mo ní kí wọ́n má wo ẹnikẹ́ni, kí wọ́n kàn máa kùn ún. Àwọn tókù bẹ̀rẹ̀ bírííjì. Báà kìíní, Màmá rọra wò mí. Báà kẹrin, wọ́n dijú. Nígbà tó fi máa di ìkeje, wọ́n ti di àga tó wà níwájú wọn mú. Ègbè wọlé, gbogbo ilé bọ́ sórí dó, Màmá kò kúrò lórí só, ó sì bá a mu rẹ́gí, torí só wà nínú kọ́ọ̀dù dó.

Wọ́n la ojú. Wọ́n ní, "Nísinsìnyí ló tó bọ́ sí i."

Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ kúrò, ilé ló wá bá yín."

Wọ́n ronú sí i díẹ̀. "Ṣé èmi náà lè dúró lórí ẹyọ kan yìí títí orin á fi parí? Ó rọ̀ mí lọ́rùn. Àwọn sopuránò ni kí ẹ ní kí wọ́n máa sá kiri."